Mò ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, síbẹ̀ ẹnu mi ń rùn. Níbo ló ti ń wá?

Àkàndé_Òru (ọjọ́ Ajé, aago 7 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ń tì mí lójú, ẹ má bínú pé orúkọ tuntun ni mo fi wọlé. Ó ti ń lọ sí ọdún 2 báyìí tí ìyàwó mi ti sọ fún mi pé ẹnu mi ń rùn. Kò fi bú mi, ó rọra sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé tí mo bá jí tí mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń kọjú sí ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ fọ eyín. Mò ń fọ ọ́ láàárọ̀, mò ń fọ ọ́ kí n tó sùn. Mo ti pààrọ̀ ọṣẹ ìfọyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ra omi ìfọnu kan tó ń ta ẹnu gidi, òórùn náà á lọ fún bíi wákàtí kan, á sì tún padà. Lọ́dún tó kọjá, dókítà eléyín yẹ ẹnu mi wò, ó ní kò sí eyín tó jẹrà, ó ha ìdọ̀tí líle tó lẹ̀ mọ́ wọn kúrò, ó ní ó ti parí. Mi ò mu sìgá, mi ò mu ọtí.

Ohun tó já mi láyà ni pé lóṣù tó kọjá mo wúkọ́, nǹkan funfun kan jáde lọ́nà ọ̀fun mi, kò ju orí ìṣáná lọ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Òórùn tó jáde lára rẹ̀, ẹ dákun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Kí nìyẹn? Ṣé inú mi ló ń jẹrà ni?

Bàbá_Àgbà_Kan

Àkàndé ọmọ mi, o ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ. Inú ni. Ohun tó bá wà nínú ìkòkò ni èéfín rẹ̀ ń gbà lẹ́nu ìkòkò jáde. Wá oògùn tó ń fọ inú, lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o sì wá jẹ́rìí níbí. Ẹnu ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀nàỌ̀fun

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe inú. Arákùnrin, o ti mú olè lọ́wọ́, o sì tún ń bèèrè ẹni tó jalè. Nǹkan funfun yẹn ni wọ́n ń pè ní òkúta tọ́ńsìlì. Tọ́ńsìlì ni ẹran méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ní ẹ̀yìn ọ̀fun. Ó ní àwọn ihò kéékèèké lára. Èérún oúnjẹ, awọ ẹnu tó ti kú àti kòkòrò àìfojúrí á kóra jọ síbẹ̀, á dì, á le, á wá máa rùn. Ọdún 5 ni mo fi jìyà rẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan há mi lọ́fun, nígbà mìíràn etí ọ̀tún á tún máa dùn mí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó ṣe etí.

Bí mo ṣe ń yọ ọ́ rèé: gbé tọ́ọ̀ṣì, dúró níwájú dígí, ya ẹnu dáadáa, fi ìdí abẹ́rẹ́ ìránṣọ tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò náà, á yọ jáde. Yọ ọ́ tán, òórùn tán.

Àbẹ̀kẹ́_Eyín

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń fọ eyín fún àwọn èèyàn nílé ìwòsàn eyín, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Bàbá, ẹ má bínú, ti inú yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn kì í ṣí sílẹ̀ bíi páìpù. Pípadé ló máa ń padé, àfi tí a bá ń gbé nǹkan mì tàbí tí a bá gùnfẹ̀. Ẹni tí omi kíkan inú ikùn rẹ̀ bá ń ru sókè dé ọ̀fun léraléra lè ní òórùn lẹ́nu, mi ò sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ àwọn tó ń tọ̀ wá wá, inú ẹnu gan-an ni tiwọn ti ń wá, ẹ̀yìn ahọ́n ló sì máa ń ṣáájú.

Ọ̀nàỌ̀fun, ẹ dákun, ẹ jù abẹ́rẹ́ yẹn nù. Tọ́ńsìlì kún fún ẹ̀jẹ̀, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ọwọ́ bá yẹ̀ tàbí tí èébì bá gbé yín lójijì ńkọ́? Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ gbé sí ọ̀fun, kí ẹ gbójú sókè kí ẹ mú un hó dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ. Ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi kan tó. Èyí tó bá hàn sí ojúta nìkan ni ẹ lè fi òwú orí igi, tí ẹ ti fi omi rin, rọra ti láti ìsàlẹ̀ sókè. Tí kò bá jáde, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, òótọ́ ni pé òkúta tọ́ńsìlì ni ẹ wú jáde. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé òun ló ń fa òórùn yín. Àìmọye èèyàn ló ní in tí ẹnu wọn kò rùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí òórùn náà ń gbà jáde. Ẹ má bu atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ gbóòórùn rẹ̀, kò já mọ́ nǹkan, imú ẹni ti mọ́ òórùn ẹni lára. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ bẹ ìyàwó yín. Kí ó jẹ́ bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ ti jẹun tàbí fọ ẹnu. Ẹ pa ètè dé, ẹ mí jáde láti imú, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ nítòsí. Lẹ́yìn náà ẹ di imú mú, ẹ mí jáde láti ẹnu. Tí ó bá jẹ́ ti ẹnu nìkan ló rùn, ẹnu tàbí ọ̀fun ni. Tí ó bá jẹ́ ti imú nìkan, imú ni ká wò. Tí méjèèjì bá rùn bákan náà, tí irú òórùn rẹ̀ sì jọra, ó yẹ kí dókítà yẹ gbogbo ara wò.

Ìkejì, ẹ fi ṣíbí ha ẹ̀yìn ahọ́n, ibi tó jìn tí ẹ bá lè dé, kì í ṣe iwájú. Ẹ wo àwọ̀ ohun tó bá a jáde, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀. Ìkẹta, ẹ fa òwú gba àárín àwọn eyín ẹ̀yìn, kí ẹ gbóòórùn òwú náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ tún sọ fún wa: oògùn wo ni ẹ ń lò? Ṣé ẹnu yín máa ń gbẹ lóru?

Ìyá_Títí

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi náà ní irú rẹ̀ nílé. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 4, mo máa ń fọ eyín rẹ̀ fúnra mi, òórùn kò kúrò. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Ikun ń yọ nímú rẹ̀ òsì, ó dà bí ọyún, ti ọ̀tún sì mọ́. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ahọ́n rẹ̀ náà?

Àbẹ̀kẹ́_Eyín

Ìyá Títí, ti Títí kò jẹ mọ́ ahọ́n rárá. Ọmọ kékeré, ihò imú kan ṣoṣo, ikun tó ń rùn: ohun tí dókítà á kọ́kọ́ rò ni pé ó ti ki nǹkan bọ imú. Ìlẹ̀kẹ̀, tìmùtìmù, bátìrì kékeré inú ohun ìṣeré. Tó bá jẹ́ bátìrì, ó ń jó ẹran imú láti inú ni. Ẹ má ki ohunkóhun bọ ọ́ láti yọ ọ́ o, yóò túbọ̀ wọlé. Lónìí ni kí ẹ gbé e lọ.

Àkàndé_Òru (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá gbà. Ó ní atẹ́gùn imú mi kò rùn rárá. Ti ẹnu, ó ní ó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Ṣíbí gbé nǹkan kan jáde tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìda oyin, ó nípọn, ó sì ń fà. Òórùn rẹ̀ ni òórùn náà gan-an. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òórùn nǹkan funfun yẹn. Òwú àárín eyín kò rùn, kò sí ẹ̀jẹ̀. Nínú dígí mo rí àwọn kókó ńláńlá lẹ́yìn ahọ́n mi pátápátá, wọ́n tò bí igun, bíi mẹ́jọ. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju òórùn lọ. Mo gbìyànjú láti ha wọ́n kúrò, ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀.

Ní ti oògùn: imú mi máa ń dí, mo sì máa ń sín púpọ̀, nítorí náà mo máa ń lo kiloféníramáìnì kan lálaalẹ́ kí n lè sùn. Ó ti pẹ́, ó ti tó ọdún 2. Bẹ́ẹ̀ ni, lóru ahọ́n mi máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, mo máa ń jí mu omi.

Ọ̀nàỌ̀fun

Ọdún 2 oògùn, ọdún 2 òórùn. Hẹ̀n-ẹ́n.

Àbẹ̀kẹ́_Eyín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn kókó yẹn sílẹ̀! Gbogbo èèyàn ló ní in, inú wọn ni a fi ń tọ́ nǹkan wò. Ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa fẹ́ gé wọn dànù.

Ó jọ pé ẹ ti rí ibi tó ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i. Iwájú ahọ́n máa ń fọ ara rẹ̀, nítorí ó ń fara kan eyín àti àjà ẹnu tí a bá ń sọ̀rọ̀ tí a sì ń jẹun. Ẹ̀yìn kò rí nǹkan fara kàn. Ó rí bíi kápẹ́ẹ̀tì onírun, ikun tó ń ṣàn láti ẹ̀yìn imú á sì máa kán lé e. Àwọn kòkòrò tí kò fẹ́ atẹ́gùn ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Wọ́n ń jẹ èròjà inú ikun àti awọ tó ti kú, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ tó ní imí-ọjọ́ nínú jáde. Òun ni ìyàwó yín ń pè ní ẹyin bíbàjẹ́.

Itọ́ ló yẹ kó máa ṣan ibẹ̀. Lójúmọ́, itọ́ tó ń jáde lẹ́nu àgbàlagbà lè tó ìlàjì lítà sí lítà kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n lóru ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹnu gbogbo èèyàn fi máa ń rùn díẹ̀ láàárọ̀. Tiyín wá ju ti gbogbo èèyàn lọ. Imú dí, ẹ ń fi ẹnu mí. Oògùn tí ẹ fi ń dá sínsín dúró tún ń gbẹ itọ́ tó kù. Ẹnu gbẹ, ahọ́n dì, òkúta sì rí àyè jókòó sínú tọ́ńsìlì. Ìkan náà ni gbogbo rẹ̀, imú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọṣẹ ìfọyín kò fi ràn yín lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń ha ahọ́n: alẹ́ dára ju àárọ̀ lọ, torí èébì kì í tètè gbéni lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ di ṣóńṣó ahọ́n mú, ẹ fà á síwájú. Ẹ gbé ohun tí ẹ fi ń ha á lé ẹ̀yìn tí ẹ lè dé, níwájú àwọn kókó náà. Ẹ máa mí jáde bí ẹ ti ń fà á wá síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣan án lómi, ẹ tún fà á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ ti fi agbára jù. Ẹ sì mọ̀ pé yóò tún dì lọ́jọ́ kejì, ojoojúmọ́ ni.

Apòògùn_Jẹ́jẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀, mo fẹ́ fi kún un níbi oògùn nìkan.

Kiloféníramáìnì gbẹ ẹnu lóòótọ́. Ó wà lára àwọn tó ti pẹ́, tó ń mú oorun wá. Àwọn tuntun bíi loratadínì kì í gbẹ ẹnu tó bẹ́ẹ̀. Bí imú bá sì ń dí lójoojúmọ́ fún ọdún 2, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sínú imú lójoojúmọ́ ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù fún dídí náà, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ bá dókítà sọ ọ́. Àwọn tó ń kà níbí, ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín o. Amitiripitilínì, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, náà ń gbẹ ẹnu, díẹ̀ lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, ṣùgbọ́n dídá wọn dúró lójijì lè burú ju ẹnu rírùn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu òun gbẹ lọ́sàn-án náà: jókòó jẹ́ẹ́, má jẹ nǹkan, tẹ orí ba, jẹ́ kí itọ́ máa kán sínú ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn olómi fún ìṣẹ́jú 5. Tí kò bá tó ìlàjì mílílítà, ó kéré jù, lọ rí dókítà. Tí òǹgbẹ bá tún ń gbẹ ọ́ tí o sì ń tọ̀ ṣáá, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Ibi tí mo ti fẹ́ yàtọ̀ sí Àbẹ̀kẹ́ díẹ̀: kò sọ nǹkan kan nípa omi ìfọnu. Èyí tó ní kilohẹ́sídínì ń pa kòkòrò náà gan-an.

Àbẹ̀kẹ́_Eyín

Ó ń pa wọ́n, mo gbà. Ó tún ń kùn eyín láwọ̀ ilẹ̀ tó máa gbà wá níṣẹ́ láti ha kúrò, ó sì ń ba adùn oúnjẹ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún èèyàn, mi ò jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Omi ìfọnu tó ní ọtí nínú, tó ń ta ẹnu ńkọ́? Fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Apòògùn_Jẹ́jẹ́

Pé èyí tó ní ọtí nínú ń gbẹ ẹnu, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ó ń ta ẹnu gbígbẹ, ìyẹn dájú. Èyí tó ní síǹkì nínú ni èmi á mú, torí síǹkì máa ń di imí-ọjọ́ inú atẹ́gùn náà mú kó má baà rùn. Ó kan ń bo òórùn mọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ni, kì í wo ohun tó fà á.

Dákẹ́jẹ́ẹ́

Mo ti ń ka yín láti àná. Ọdún 6 ni mo fi bo ẹnu mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan imú, mo mọ̀ pé èmi ni. Tí wọ́n bá ṣí fèrèsé, èmi ni. Mo ha ahọ́n títí ó fi bó. Dókítà mẹ́ta gbóòórùn ẹnu mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà gbóòórùn rẹ̀, gbogbo wọn ní kò rùn. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tí mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Kì í ṣe pé ó ti lọ pátápátá o. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Àkàndé ni pé o ní ìyàwó tó sọ fún ọ, imú ẹlòmíràn ló jẹ́rìí. Èmi kò ní.

Bàbá_Àgbà_Kan

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Kí ló dé tí kò kàn lọ gé tọ́ńsìlì náà dànù? Wọ́n gé ti àbúrò mi ní kékeré, ọjọ́ kan péré ló fi sinmi.

Ọ̀nàỌ̀fun

Bàbá, ti ọmọdé nìyẹn. Mo bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún ara mi. Ó ní fún àgbàlagbà, ìrora rẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ sì lè tú lójijì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí èèyàn rò pé ó ti jinná. Ó ní òun kì í gé e nítorí òkúta nìkan àfi tí ó bá ti sú ẹni náà pátápátá. Mo ṣì ń rò ó. Mo ti ju abẹ́rẹ́ nù, Àbẹ̀kẹ́. Omi iyọ̀ ń yọ àwọn kéékèèké, ti ẹ̀gbẹ́ òsì kò mira.

Ìyá_Títí

Ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ pupa ni wọ́n yọ nímú Títí. Òórùn ti lọ. Ẹ ṣé o.

Àkàndé_Òru (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo padà wá, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á wá ka èyí.

Dókítà pààrọ̀ oògùn alẹ́ mi sí èyí tí wọ́n ń fọ́n sínú imú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, mo ń sín bí ewúrẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, imú ti ń ṣí. Mo wọn itọ́ mi bí Apòògùn ṣe wí. Ó lé díẹ̀ ní mílílítà kan fún ìṣẹ́jú 5, nítorí náà ti ọ̀sán kò burú, òru ni ìṣòro. Mo ń ha ahọ́n lálaalẹ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ mo bì lóòótọ́, aṣọ tí mo fi di ahọ́n mú ló yanjú rẹ̀. Ohun tó ń bá ṣíbí jáde ti di funfun, ó ti fẹ́lẹ́.

Mo ní kí ìyàwó mi máa fún mi ní máàkì láti òdo sí 5 láìwojú mi. 4 ló fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, 1 lọ́sàn-án, 2 láàárọ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo sùn láìha ahọ́n, ó fún mi ní 3, kò sì mọ̀ pé mi ò ha á.

Òkúta kan tún jáde ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó jáde. Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó máa dáwọ́ dúró tí imú bá ṣí tán, àbí ihò yẹn ti wà níbẹ̀ títí láé?

Àbẹ̀kẹ́_Eyín

Ihò náà kò ní dí, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ ni a lè dín kù. Ẹ máa bá omi iyọ̀ lọ, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kí a tó mọ̀. Ṣùgbọ́n tí tọ́ńsìlì ẹ̀gbẹ́ kan bá tóbi ju èkejì lọ, tí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí gbígbé oúnjẹ mì bá ń ṣòro, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta, ẹ lọ jẹ́ kí oníṣègùn ọ̀fun wò ó.

Ọ̀nàỌ̀fun

Ẹ̀gbẹ́ òsì mi tóbi ju ọ̀tún lọ o. Ṣé èmi náà wà nínú rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Eyín

Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ òkúta yẹn ló tì í síta, mi ò lè mọ̀ láti ibí.